Ọ̀rọ̀ ò bá ohùn mu nínú fídíò orin wa: ṣé ìlù ni kí n tẹ̀ lé ni, àbí ẹni tó ń kọrin?

Àdùkẹ́ Ìmọ̀ (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ akọrin wa níbí ní Iléṣà gbohùn orin tuntun kan sílẹ̀, èmi ni wọ́n sì gbé fídíò ọ̀rọ̀ orin náà lé lọ́wọ́: irú èyí tí ọ̀rọ̀ máa ń yọ lójú sikirínì bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, tí kò sí àwòrán èèyàn kankan níbẹ̀. Orin náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 48. Dùndún, gúdúgúdú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn jọ lù ú pa pọ̀ ni, kò sí ìró aago kankan tó ń ká ìlù sí wọn létí.

After Effects ni mo ń lò. Áàpù kan tí mo fi wo ìyára orin ní 100 BPM ni, ìyẹn bíìtì 100 ní ìṣẹ́jú kan. Fídíò mi ń lọ ní fírémù 25 sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí náà mo fi ìlà sí gbogbo fírémù 15, mo wá ń ka bíìtì, mo sì ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí orí ìlà bíìtì tó bá sún mọ́ ọn jù. Ohun tí mo wá rí rèé: ní ẹsẹ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ohùn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń rí i. Nígbà tó bá fi máa dé ègbè ìkẹyìn, akọrin ti bọ́ sí ìlà orin mìíràn kí ọ̀rọ̀ tó yọ. Mo sún gbogbo rẹ̀ síwájú, ìbẹ̀rẹ̀ wá ń yá jù, ìparí ṣì ń pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e sí ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Sọjí Mọ̀dákẹ́kẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ìṣirò ni gbogbo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà BPM, ẹ ó rí iye ìṣẹ́jú-àáyá tí bíìtì kan ń gbà. Ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po fírémù yín. Bí BPM bá jẹ́ 100, á jẹ́ 0.6, ìlọ́po 25 sì jẹ́ 15. Ibẹ̀ yẹn tọ̀nà. Ibi tó ti wọ́ ni 100 tí áàpù sọ yẹn, ó ti gé ìdí nọ́ńbà náà kúrò. Ká ní 100.5 ni orin ń lọ ní tòótọ́. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ̀yin á ti ka bíìtì 300, orin á ti lu 301 àti ààbọ̀. Bíìtì kan àtààbọ̀ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko.

Ẹ wá ìlù àkọ́kọ́ àti ìlù ìkẹyìn lórí àwòrán ìró, ẹ ka iye bíìtì tó wà láàárín wọn, kí ẹ fi ṣírò BPM fúnra yín. Nọ́ńbà tó bá jáde, ẹ lò ó tòun ti pọ́ìǹtì tó wà nídìí rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo àwọn ọmọ tó ń gbé bíìtì wá bá mi, kì í yẹ̀.

Ìyá Tóbi Sábó

Ẹ kú àárọ̀ mà. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú ṣe é bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù? Fáìlì SRT ni mo fi ń ṣe ti ìwàásù pásítọ̀ wa. Ìlà kan wọlé, ìlà kan jáde, kò sí wàhálà bíìtì. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń rí i kà dáadáa.

Àdùkẹ́ Ìmọ̀

Ẹ ṣeun mà. Ìyẹn dára fún ìwàásù. Èyí tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe ni kí ọ̀rọ̀ máa jó pẹ̀lú orin, kí ó máa wọlé, kí ó máa fẹ̀, kí ó máa gbọ̀n bí ìlù bá dún.

Sọjí, ẹ ṣé o. Mo ti ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, mo rí 101.5. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ti wá bá ara wọn mu. Àárín ló wá bàjẹ́ báyìí! Ọ̀rọ̀ ń yọ kí ohùn tó dé.

Bàbá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Àdùkẹ́, ọmọ mi, àrùn méjì ló wà lára fídíò rẹ, oògùn kan lo sì ń fi wò ó. Ìpẹ́ tí iye rẹ̀ kì í yí padà, ọ̀tọ̀ ni. Ìpẹ́ tó ń pọ̀ sí i bí orin ṣe ń lọ, ọ̀tọ̀ ni. Mú ọ̀rọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìparí. Wo fírémù tí ohùn ti mú ọ̀rọ̀ náà lórí àwòrán ìró, wo fírémù tí ojú rẹ gbà pé ọ̀rọ̀ náà dé, kí o ka iye tó wà láàárín. Bí o bá rí 5, 5, 5, nǹkan kan ló ń fa gbogbo iṣẹ́ náà sẹ́yìn lápapọ̀. Bí o bá rí 5, 20, 60, ìṣirò ìyára rẹ kò bá orin mu. Tìrẹ, méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń pọ̀ sí i. Ohun tí Sọjí sọ dára fún orin tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà lu ìlù rẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kì í sáré bí inú rẹ̀ bá dùn. Orin tí ọwọ́ èèyàn lù kò ní BPM kan ṣoṣo. Ká sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní 100, tí ara àwọn onílù wá ń yá gágá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí ní 103. Bí o bá fi 101.5 pín in dọ́gba, orí àti ìdí á bá a mu, nítorí láti orí àti ìdí náà lo ti rí nọ́ńbà náà. Ní àárín, ìlà rẹ á ti fi ohun tó ju bíìtì kan lọ ṣáájú ìlù. Ohun tí ojú rẹ rí gan-an nìyẹn. Kò sí nọ́ńbà kan lábẹ́ ọ̀run tó lè tún un ṣe. Pa ìlà oníṣirò yẹn rẹ́, kí o fi etí àti ọwọ́ sàmì sí orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ti ìpẹ́ tí kò yí padà, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan: ọ̀rọ̀ tó ń já wálẹ̀ láti òkè, kífírémù wo lo gbé sí orí bíìtì, ti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ ni, àbí ti ìgbà tó balẹ̀?

Àdùkẹ́ Ìmọ̀

Ti ìbẹ̀rẹ̀ ni, sà. Orí bíìtì ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, fírémù 12 lẹ́yìn náà ni ó ń balẹ̀. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bàbá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ibẹ̀ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lókè, ojú kò tíì kà á sí pé ó dé. Ìgbà tó balẹ̀, tó dúró, ni ojú ń so pọ̀ mọ́ ohun tí etí gbọ́. Torí náà kífírémù ìkẹyìn ló yẹ kó wà lórí ohùn, kí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Kí o sì dín ìrìn yẹn kù. Fírémù 12 ti pọ̀ jù fún orin tí bíìtì rẹ̀ jẹ́ 15; ọ̀rọ̀ kan kò tíì pẹ́ tó balẹ̀ tí òmíràn ti ń bọ̀. Fírémù 4 tàbí 5 ti tó.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Bí o bá fi Easy Ease sí i, ọ̀rọ̀ máa ń rọra fà ní ìparí ìrìn rẹ̀, ojú sì lè rò pé ó ti balẹ̀ ní fírémù kan tàbí méjì kí kífírémù ìkẹyìn tó dé. Kì í ṣe àṣìṣe. O kàn máa mọ̀ pé bí ìrìn bá ti rọ̀ tó ni ìgbà tó balẹ̀ kò ṣe ní hàn kedere tó. Fún ọ̀rọ̀ tí akọrin fi agbára mú, jẹ́ kí ó balẹ̀ gán-ún. Fún èyí tó fi ohùn jẹ́jẹ́ mú, jẹ́ kí ó rọra wọlé.

Sọ fún mi, íápíìsì wo lo fi ń ṣiṣẹ́?

Àdùkẹ́ Ìmọ̀

Èyí tí kò ní wáyà ni, sà. Blútúùtù.

Bàbá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí o fi máa sàmì tán. Blútúùtù máa ń dá ohùn dúró kó tó gbé e dé etí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà mìíràn ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀. Ní fírémù 25, ìyẹn lè tó fírémù mẹ́ta sí márùn-ún. O gbọ́ ohùn pẹ́, o tẹ bọ́tìnì pẹ́, gbogbo máákà rẹ yóò sì pẹ́ ní iye kan náà. Oníwáyà olówó pọ́ọ́kú sàn jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí. Kí o sì béèrè fáìlì WAV lọ́wọ́ sítúdíò, má ṣe lo MP3 tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. MP3 máa ń ní òfìfo díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sí nínú orin gangan.

Ọmọ Àyàn Ìlódè

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí onílù náà dá sí i. Mò ń rí i pé ẹ ń sọ "bíìtì, bíìtì", ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ìlù wo. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ń ki èèyàn, ó ń pa òwe, ó ń fèsì fún akọrin. Ó lè dákẹ́, ó lè já wọlé nígbà tó bá wù ú. Bí ẹ bá sàmì sí ìyá ìlù, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó ń gbọ̀n sókè sódò. Gúdúgúdú ni kó o dẹ etí sí. Ìyẹn kì í sinmi, òun ló ń di gbogbo wa mú. Bí gúdúgúdú ò bá ṣe é gbọ́ dáadáa nínú orin náà, tẹ̀ lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ìkejì, nínú ọ̀pọ̀ orin wa, ìlù kéékèèké mẹ́ta ló wà láàárín ẹsẹ̀ ijó kan sí èkejì, kì í ṣe méjì tàbí mẹ́rin bí ti orin òyìnbó. Àwọn áàpù tó ń ka bíìtì máa ń ṣìnà níbẹ̀. Orin tí à ń jó ní 100, wọ́n lè ní 150 ni. Dìde, jó o. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń kanlẹ̀ ni bíìtì.

Sọjí Mọ̀dákẹ́kẹ́

Áà! 150 yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, mo rò pé áàpù ló bàjẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà nípa ìlù ọwọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi nìyí: bí èèyàn bá sàmì sí gúdúgúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣé kò ti parí nìyẹn? Kí a wá gbé ọ̀rọ̀ sí orí máákà gúdúgúdú.

Bàbá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Rárá, Sọjí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fídíò ti ń dà bíi pé ẹ̀rọ ló ṣe wọ́n. Akọrin kì í jókòó sórí ìlù. Á ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á gba èémí, á na ọ̀rọ̀ kan. Nítorí náà oríṣi máákà méjì ni mo máa ń ṣe. Ọ̀kan fún ìlù, ọ̀kan fún ohùn. Ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé máákà ohùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, àwọ̀, àwòrán, iná tó ń tàn, ń tẹ̀ lé máákà ìlù. Bí o bá yà wọ́n báyìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín akọrin àti onílù á hàn lójú bó ṣe ń dùn létí.

Ti ìlù rọrùn. O lè tẹ bọ́tìnì bí orin ṣe ń lọ, ọwọ́ rẹ á bá a mu, nítorí o ti mọ ìgbà tí ìlù tó kàn ń bọ̀. Ti ohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán ni ọwọ́ rẹ ń lọ, ó sì máa ń pẹ́. Nítorí náà, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láti fi kó àwọn ọ̀rọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà fẹ àwòrán ìró náà lójú, kí o sún máákà kọ̀ọ̀kan sí ibi tó yẹ. Inú Audacity ni mo ti ń ṣe é. Ctrl+M ló ń fi máákà sí ibi tí orin dé, o lè kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, tí o bá parí o lọ sí Export Labels, á sì kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú fáìlì ọ̀rọ̀.

Fi ìlà orin kan àti àkókò rẹ̀ ránṣẹ́ síbí, ká jọ wò ó.

Àdùkẹ́ Ìmọ̀

Mo ti ṣe é pẹ̀lú oníwáyà, sà, mo sì sún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó ń dà mí láàmú jù nìyí. Nínú rẹ̀, "là" yẹn, akọrin nà án títí dé nǹkan bí 74.9 kó tó gba èémí.

```
72.040000	72.040000	Gbogbo
72.880000	72.880000	ọ̀nà mi
73.600000	73.600000	là
75.160000	75.160000	ọkàn mi
75.920000	75.920000	balẹ̀
```

Gúdúgúdú ibẹ̀ bọ́ sí 72.00, 72.60, 73.20 àti 73.80.

Bàbá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

O ṣeun, èyí hàn kedere. Fi 25 sọ wọ́n di púpọ̀: "Gbogbo" bọ́ sí fírémù 1801, "ọ̀nà mi" sí 1822, "là" sí 1840, "ọkàn mi" sí 1879, "balẹ̀" sí 1898. Ìlù bọ́ sí 1800, 1815, 1830 àti 1845.

Wo "Gbogbo" ná. Fírémù kan péré ló fi yàtọ̀ sí ìlù, wọ́n jọ bọ́ lulẹ̀ ni. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn lè balẹ̀ gán-ún. Ṣùgbọ́n wo inú àwòrán ìró dáadáa: kí "gb" tó tú lẹ́nu, ìró kékeré kan ti ń kùn lọ́fun nígbà tí ètè ṣì pa dé. Má ṣe fi máákà sí ibi ìkùn yẹn. Ibi tí ètè ti ṣí, tí fáwẹ́lì ti jáde, ni etí ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bákan náà ni "s", "ṣ" àti "f": atẹ́gùn wọn máa ń ṣáájú, fáwẹ́lì ló ni máákà.

Ẹ wá wo "là". Ìlù tó sún mọ́ ọn jù ni 1845, ibẹ̀ ni ìlà àtijọ́ rẹ gbé e sí. Akọrin ti mú un ní 1840. Fírémù márùn-ún nìyẹn, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tí Ọmọ Àyàn sọ ló ṣàlàyé rẹ̀: bíìtì kan jẹ́ fírémù 15, ìlù kéékèèké mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀, fírémù márùn-ún márùn-ún. Akọrin mú "là" lórí ìlù kékeré tó kẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Ìdí tí ìlà yẹn fi ń gbé èèyàn lọ nìyẹn. Tí o bá fà á dé orí ìlù, o ti pa á.

Bí màá ṣe ṣe é rèé. "là" bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ ní 1835, ó balẹ̀ ní 1840. Nígbà tí ìlù bá dún ní 1845, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló máa gbọ̀n, àwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Akọrin wá na ọ̀rọ̀ náà ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró gbagidi ní gbogbo àkókò yẹn, á dà bíi pé fídíò há. Jẹ́ kí ó máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti 100 sí 106 nínú ọgọ́rùn-ún, láti 1840 títí dé 1872 tí ohùn á fi tán, láìsí Easy Ease kankan, nítorí ohùn náà dúró gbọn-in. Ibi tó ti gba èémí, kí nǹkan kan má ṣe rìn níbẹ̀. Fírémù méje péré ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìlà orin ti pín sí méjì. Lẹ́yìn náà "ọkàn mi" yọ sí ìlà kejì ní 1879 láìrìn, ìlà àkọ́kọ́ sì rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 40 nínú Opacity. Kó má ṣe parẹ́, nítorí gbólóhùn náà kò tíì parí.

Kí o sì ṣàkíyèsí pé "ọ̀nà mi" ni mo fi pa pọ̀, n kò ya "mi" sọ́tọ̀. Bí akọrin ṣe pè é lẹ́ẹ̀kan náà ni kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Délé Kámpọ́ọ̀sì

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí lẹ́tà máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, g, b, o, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá dé "ọ̀nà", "ọ" á wọlé, àmì orí rẹ̀ á tún wá dá wọlé lẹ́yìn, bíi pé ó ń wá ẹni tó máa gùn. "balẹ̀" náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "là" kò ṣe é. Ṣé fọ́ǹtì ni?

Fọlákẹ́ Ẹ̀nuwá

Délé, fọ́ǹtì lè wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí. "à" ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀. "ọ̀" àti "ẹ̀" kò ní. Kóòdù méjì ni wọ́n, "ọ" pẹ̀lú àmì tó ń gun orí rẹ̀. Ẹ̀rọ sì ń kà wọ́n sí lẹ́tà méjì, ó ń mú wọn wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ sínú Range Selector, ṣí Advanced, níbi tí wọ́n kọ Based On sí, yí i kúrò ní Characters sí Words. Ọ̀rọ̀ á máa wọlé lódindi. Bí o bá ṣáà fẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, yí ọ̀rọ̀ náà sí àwòrán pẹ̀lú Create Shapes from Text, kí o fi ọwọ́ ara rẹ so àmì mọ́ lẹ́tà rẹ̀. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ o.

Ní ti fọ́ǹtì, Noto Sans àti Gentium máa ń fi àmì jókòó síbi tó yẹ. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì aláràbarà tí a ń rí lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní "ẹ" rárá, wọ́n á yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn, ẹ ó sì rí lẹ́tà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn tó sanra.

Èmi náà ní nǹkan tí mo fẹ́ dábàá. Níwọ̀n bí èdè wa ti ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa mú ọ̀rọ̀ rìn bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ. "là" láti òkè sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ olóhùn òkè láti ìsàlẹ̀ gòkè. Mo ti dán an wò, ó wù mí gan-an.

Bàbá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Fọlákẹ́, ó dára lórí orin tí a ti inú èdè wa dá, nítorí orin wa sábà máa ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Lórí àwọn orin ìsìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin òyìnbó, ẹ ó rí ibi tí orin ń gòkè tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ojú àti etí á máa jà. Àti pé bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, kíkà á di ìṣòro. Èmi kì í ṣe é ju lórí ọ̀rọ̀ kan nínú ìlà.

Fọlákẹ́ Ẹ̀nuwá

Mo gbọ́ ti orin ìsìn, sà. Ti kíkà ni n kò gbà. Bí ìrìn náà bá jẹ́ díẹ̀, kò ní dí ẹni tó ń kà lọ́wọ́.

Sọjí Mọ̀dákẹ́kẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ní ti àwọ̀ ẹ̀yìn tó máa gbọ̀n bí gúdúgúdú bá dún, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ṣe kífírémù bíi irínwó. Ẹ fi máákà ìlù sára léyà kan tí ẹ pè ní ILU, kí ẹ wá lẹ èyí mọ́ Scale léyà ẹ̀yìn:

```
m = thisComp.layer("ILU").marker;
n = 0;
if (m.numKeys > 0) {
  n = m.nearestKey(time).index;
  if (m.key(n).time > time) n--;
}
t = (n > 0) ? time - m.key(n).time : 99;
s = 100 + 6 * Math.exp(-8 * t);
[s, s]
```

6 yẹn ni bó ṣe máa fẹ̀ tó. 8 ni bó ṣe máa tètè padà tó. Ní orin yín, kí ìlù tó kàn tó dún ó ti padà sípò. Bí ẹ bá dín 8 kù sí 2, kò ní tíì padà tán tí òmíràn á fi dé, gbogbo ẹ̀yìn á kàn wú síbẹ̀.

Ọmọ Àyàn Ìlódè

Èyí dára. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó gbọ̀n ní gbogbo bíìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Àdùkẹ́. Níbi tí ìyá ìlù bá ti dá sọ̀rọ̀, yọ máákà kúrò, jẹ́ kí ẹ̀yìn dákẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń wí.

Àdùkẹ́ Ìmọ̀

Mo ti ṣe ẹsẹ kìíní àti ègbè rẹ̀ báyìí. Ó bá a mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò bí Bàbá ṣe wí, kò sí èyí tó ju fírémù kan lọ. Ibi tó kù tí n kò mọ ohun tí màá ṣe ni lílé àti ègbè. Akọrin ṣì ń na "là" lọ́wọ́, ègbè ti wọlé pẹ̀lú "Ó là!". Ọ̀rọ̀ méjì jọ wà lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí ó hàn jù?

Bàbá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Fún ègbè ní ipò kan tí kò ní kúrò níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Kí ó wọlé lódindi, má ṣe mú un wọlé lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, nítorí gbogbo ẹ̀ ni wọ́n jọ pariwo rẹ̀. Lílé ni kó mọ́lẹ̀ jù, òun ló ń darí.

Ọmọ Àyàn Ìlódè

Bàbá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ègbè ló ń gbè. Ègbè ló yẹ kó mọ́lẹ̀ jù nígbà tó bá wọlé.

Ìyá Tóbi Sábó

Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ náà nìyẹn. Ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ fẹ́ gbé e sí, àwọn èèyàn á fẹ́ kọ ọ́ tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá ń yọ ní ìgbà tí akọrin ń mú un gan-an, ìgbà wo làwọn màmá wa máa kà á kí wọ́n tó la ẹnu? Wọ́n á máa pẹ́ ní gbogbo ìlà. Nínú SRT tèmi, mo máa ń jẹ́ kí ìlà yọ kí pásítọ̀ tó sọ ọ́.

Bàbá Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Tóbi, òótọ́ lẹ sọ, n kò sì rí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Àdùkẹ́. Fídíò tí èèyàn máa wò lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ balẹ̀ pẹ̀lú ohùn. Èyí tí ìjọ máa fi kọrin, ìlà ní láti ṣáájú. Ó ṣeé so pọ̀: gbé odindi ìlà wọlé ní àwọ̀ bàìbàì kí akọrin tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán bíìtì méjì, ìyẹn fírémù 30. Kó má rìn, kó kàn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa tàn, kí ó sì ta díẹ̀, ní orí máákà ohùn tí o ti ní tẹ́lẹ̀. Má ṣe yí máákà kankan padà. Níbi tí èémí bá kéré, bíi fírémù méje tó ṣáájú "ọkàn mi" yẹn, kò sí àyè fún 30; gbé ìlà kejì wọlé ní bàìbàì pa pọ̀ mọ́ ìlà àkọ́kọ́.

Àdùkẹ́ Ìmọ̀

Á jẹ́ pé méjì ni màá gbé jáde, ọ̀kan fún ògiri, ọ̀kan fún fóònù. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Fún ti ògiri, màá jẹ́ kí ègbè mọ́lẹ̀ ju lílé lọ. Fún ti fóònù, màá ṣe é bí Bàbá ṣe wí. Ìbéèrè kan ló kù: níbi tí kíbọ́ọ̀dù àti ìlù nìkan ti ń dún fún ìgbà pípẹ́ kí ẹsẹ kẹta tó wọlé, bíìtì méjì ṣáájú yẹn ha tó, àbí kí n tètè gbé ìlà náà wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè ti múra sílẹ̀?

Ọmọ Àyàn Ìlódè

Fetí sí ìyá ìlù níbẹ̀. Onílù tó mọṣẹ́ á ti pe akọrin wọlé kí ẹsẹ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá pè é ni kí ìlà yọ.